Ta la máa so ọmọ tuntun mọ́? Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí bí a ṣe ń dá pírógíráàmù mẹ́ńtọ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ tuntun mẹ́rin tí mo rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ jókòó ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá. Ẹ má sá jàre, torí tiyín la ṣe pé jọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń dá pírógíráàmù mẹ́ńtọ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ká mú àgbà òṣìṣẹ́ kan, ká mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fásitì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ká so wọ́n pọ̀ kí àgbà máa tọ́ ọmọ sọ́nà. Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀. Ibi méjì péré ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa. Àkọ́kọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tẹ́ ẹ máa so mọ́ ẹni? Ìkejì, kí ni wọ́n máa ṣe nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jókòó? Torí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ń kú, ibẹ̀ náà ni mo ti rí i tó ń yè.

Bí tiwa ṣe kú

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, èmi ni wọ́n gbé e fún pé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Inú mi dùn. A ṣe ayẹyẹ, a pe ọ̀gá àgbà, a ya fọ́tò, gbogbo ọmọ tuntun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ńtọ̀ ẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe so wọ́n pọ̀? Mo mú lísìtì àwọn ọmọ tuntun, mo mú lísìtì àwọn àgbà, ẹ̀ka kan náà sí ẹ̀ka kan náà, mo fi ìlà so orúkọ kan mọ́ orúkọ kejì, mo parí ẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Mo rò pé mo já fáfá.

Oṣù kẹrin ni mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, mo ní, mẹ́ńtọ̀ rẹ ńkọ́? Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé máníjà mi lẹ̀ ń sọ?" Mo ní rárá, mẹ́ńtọ̀ rẹ. Ó ní, "Òun kan náà ni, mà." Ẹ̀rù bà mí. Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo yẹ lísìtì wò, òótọ́ ni, ọ̀gá tó ń fún ọmọ yẹn níṣẹ́, tó ń kọ ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀ lópin ọdún, òun náà ni mo fún un pé kó lọ máa sọ ìṣòro ẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa lọ bá ẹni tó ń fún un ní máàkì kó ní, ọ̀gá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún mi yẹn ò yé mi rárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń díbọ́n?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ti pàdé lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó bínú sẹ́nì kankan. Kò jà, kò pariwo, ó kàn kú sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ohun tó jọ mí lójú jù nìyẹn, pé pírógíráàmù yìí kì í kú ikú ariwo. Ọmọ ń rò pé ọwọ́ àgbà dí, àgbà ń rò pé ọmọ ò nílò òun mọ́, oníkálukú ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì títí ọ̀rọ̀ fi tutù.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà tiwa o! Orí ọmọ wọ́ náà sì ni. Wíwà lọ́jà nìkan ò tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà pé ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá yẹn gan-an ni kó nawọ́ sí.

Apá kìíní: ẹni tó yẹ kó má jẹ́ mẹ́ńtọ̀

Kí ẹ tó mọ ẹni tó yẹ, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹni tí kò yẹ. Òfin àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́nu nínú owó oṣù ọmọ, nínú máàkì ẹ̀, tàbí nínú pé kó dúró síṣẹ́ lẹ́yìn oṣù ìdánwò, kò lè jẹ́ mẹ́ńtọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni. Iṣẹ́ máníjà ni kó bèèrè pé, ṣé o ti parí ẹ̀? Iṣẹ́ mẹ́ńtọ̀ ni kó bèèrè pé, kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́? Ẹnì kan ò lè bi ọmọ ní ìbéèrè méjèèjì kí ọmọ sì dáhùn èkejì tọkàntọkàn.

Ọ̀gá máníjà náà ńkọ́, ẹni tó wà lókè máníjà tààrà? Òun náà ò dáa. Máníjà máa máa rò pé ọmọ ń lọ ròyìn òun lókè. Mo ti rí ibi tí máníjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mítìnì sí gbogbo aago tí ọmọ fẹ́ lọ rí mẹ́ńtọ̀ ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi mítìnì síbẹ̀. Ẹ mú ẹni tó wà ní ẹ̀ka míì. Tí ilé iṣẹ́ yín bá kéré tó jẹ́ pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ló wà, ẹ mú ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò kan iṣẹ́ ọmọ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí máníjà mọ̀ ṣáájú. Èyí ṣe pàtàkì: kí ẹ tó kéde orúkọ kankan, ẹ pe àwọn máníjà jọ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ sọ fún wọn pé mẹ́ńtọ̀ ò ní yí iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún ọmọ padà, kò ní dá yín lẹ́jọ́, ẹ̀yin náà ẹ má bi mẹ́ńtọ̀ léèrè ohun tí ọmọ sọ. Ogún ìṣẹ́jú yẹn máa gbà yín lọ́wọ́ oṣù mẹ́fà ìjà abẹ́nú.

Ọ̀rọ̀ ipò náà tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló fẹ́ fi ẹni tó ga jù ṣe mẹ́ńtọ̀, torí ó dáa nínú fọ́tò. Àmọ́ ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ti gbàgbé bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe rí, ọmọ náà á sì máa bẹ̀rù àtibi í pé níbo ni wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù ìsinmi sí. Lójú tèmi, ẹni tó ti lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dáa jù fún ọmọ tuntun, ó ti mọ ọ̀nà, kò sì tíì gbàgbé òkúta tó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kí ẹnì kan má sì gbà ju ọmọ méjì lọ. Àgbà tó bá ní òun lè gbà márùn-ún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fún un ní ẹyọ kan.

Apá kejì: bá a ṣe ń so wọ́n pọ̀

Ó yá, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo ṣe é, mi ò so ẹnikẹ́ni pọ̀ pẹ̀lú ìlà mọ́. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù olójú ìwé kan tó ní ìbéèrè méjì: kí ni nǹkan tó ò lè ṣe báyìí tó o fẹ́ lè ṣe lọ́dún kan sí i? Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí? Mo fún àgbà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀: kí lo mọ̀ tó o lè fi han ẹlòmíì pẹ̀lú ọwọ́? Àṣìṣe wo lo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ tó o lè sọ jáde? Ẹ kíyè sí ìkejì yẹn o. Àgbà tó bá kọ síbẹ̀ pé òun ò rántí àṣìṣe kankan, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n wá iṣẹ́ míì fún un.

Lẹ́yìn náà mo ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbà fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú orúkọ, wọ́n sì to àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ léra. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà, mo kà á fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n láìsí orúkọ, láìsí fásitì tí wọ́n ti jáde. Kí nìdí? Torí tẹ́ ẹ bá fi orúkọ fásitì síbẹ̀, àgbà á yan ọmọ fásitì tiẹ̀, kò ní mọ̀ pé òun ń ṣe é gan-an.

Nísinsìnyí ẹnì kan á ní, tí gbogbo èèyàn bá yan ẹnì kan náà ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì sì ti dáhùn ẹ̀ tipẹ́. David Gale àti Lloyd Shapley kọ ọ́ lọ́dún 1962, wọ́n ń ronú lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọ fásitì àti bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe ń fẹ́ra. Wọ́n fi hàn pé ọ̀nà kan wà tá a fi lè so àwùjọ méjì pọ̀ tó jẹ́ pé kò ní sí ẹni méjì tó máa wo ara wọn lẹ́yìn náà kí àwọn méjèèjì ní, à bá mọ̀ ká ti fẹ́ra wa. Lọ́dún 2012 Shapley àti Alvin Roth gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lórí irú iṣẹ́ yìí. Irú ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń pín àwọn dókítà tuntun sí ọsibítù ní Amẹ́ríkà. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bébà àti bírò ti tó.

Ẹ jẹ́ á ṣe é pa pọ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́ta sí ẹni mẹ́ta. Ọmọ Ìṣirò, Ọmọ Ẹ̀rọ, Ọmọ Ọjà, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀ka ibi tó ń ṣiṣẹ́. Ní ìhà kejì, Àgbà Ìṣirò, Àgbà Ẹ̀rọ, Àgbà Ọjà. Òfin wa ti yọ àgbà ẹ̀ka kan náà kúrò, nítorí náà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹni méjì láti yàn.

Ọmọ Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé òun mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tóun bá ṣàlàyé fún èèyàn kì í yé wọn. Ó yan Àgbà Ọjà ṣáájú, Àgbà Ìṣirò ìkejì. Ọmọ Ìṣirò ní òun ń kọ nọ́ńbà lójoojúmọ́ láìmọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Òun náà yan Àgbà Ọjà ṣáájú, Àgbà Ẹ̀rọ ìkejì. Ọmọ Ọjà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tóun ń tà, ó yan Àgbà Ẹ̀rọ ṣáájú, Àgbà Ìṣirò ìkejì. Àwọn àgbà náà ti to tiwọn: Àgbà Ọjà fẹ́ Ọmọ Ẹ̀rọ ju Ọmọ Ìṣirò lọ, Àgbà Ẹ̀rọ fẹ́ Ọmọ Ìṣirò ju Ọmọ Ọjà lọ, Àgbà Ìṣirò fẹ́ Ọmọ Ọjà ju Ọmọ Ẹ̀rọ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹni tó fẹ́ jù. Ọmọ Ẹ̀rọ àti Ọmọ Ìṣirò pàdé lẹ́nu ọ̀nà Àgbà Ọjà. Àgbà Ọjà di Ọmọ Ẹ̀rọ mú, ó ní kí Ọmọ Ìṣirò lọ wá ibòmíì. Ọmọ Ọjà lọ bá Àgbà Ẹ̀rọ, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀, Àgbà Ẹ̀rọ dì í mú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: dì í mú, kò tíì gbà á. Kò tíì ṣèlérí fún un.

Ìgbà kejì, Ọmọ Ìṣirò tí wọ́n lé lọ bá ìkejì tiẹ̀, Àgbà Ẹ̀rọ. Àgbà Ẹ̀rọ wo méjèèjì, òun fẹ́ Ọmọ Ìṣirò jù, ó dì í mú, ó jọ̀wọ́ Ọmọ Ọjà. Ìgbà kẹta, Ọmọ Ọjà lọ bá Àgbà Ìṣirò tó ń dá jókòó látàárọ̀, tó sì jẹ́ pé òun gan-an lòun náà ń dúró dè. Ó parí. Kò sẹ́ni tó kù.

Ọmọ méjì nínú mẹ́ta ló gba àṣàyàn ìkejì o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé wọ́n máa ráhùn? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ tí Ọmọ Ọjà bá lọ bá Àgbà Ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jọ máa ṣe é, Àgbà Ẹ̀rọ á ní rárá, ẹni tí mo fẹ́ jù lọ ló wà lọ́wọ́ mi. Tí Ọmọ Ìṣirò bá lọ bá Àgbà Ọjà, ìdáhùn kan náà ni. Ìdí tó fi dúró nìyẹn. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ba á jẹ́ ni pé wọ́n á kéde lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ti sọ fún Ọmọ Ọjà pé Àgbà Ẹ̀rọ ni tiẹ̀, lọ́sàn-án wọ́n á tún wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má kéde títí gbogbo ẹ̀ á fi parí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ipò tí wọ́n to òun sí, ẹ sun bébà yẹn tàbí kẹ́ ẹ ya á.

Ó ní ibi tí ọ̀nà yìí ò lè dé ṣá. Kò mọ̀ bóyá Àgbà Ọjà máa ń rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù. Kò mọ̀ pé ẹni méjì ti ní ìjà àtijọ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ ìyẹn, kẹ́ ẹ sì ti yọ irú àwọn ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú bébà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bá a ṣe yọ àgbà ẹ̀ka kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba náà, bí mẹ́wàá sí méjìlá, ká ríran rí i. Èmi tí mo so gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan ni mo ń sọ fún yín.

Apá kẹta: ìpàdé mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ ti so wọ́n pọ̀. Kí ló kàn? Àwọn èèyàn á ní, wọ́n ti dàgbà, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọn ò mọ̀ ọ́n! Àgbà ò mọ̀ ọ́n, ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Àgbà á jókòó, á ní, "Ó yá, bi mí ní ìbéèrè." Ọmọ á ní, "Kò sí ìbéèrè, sà." Àgbà á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé ẹ̀, wákàtí kan á lọ. Ọmọ á dúpẹ́, á lọ, kò ní padà.

Ìpàdé kìíní, ẹ ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ìtìjú á ti wọ̀ ọ́. Wákàtí kan tó, kó má sì jẹ́ nínú ọ́fíìsì àgbà, pẹ̀lú tábìlì ńlá láàárín wọn. Àgbà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àṣìṣe ọdún àkọ́kọ́ tó kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn ló máa sọ, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́ sí bébà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan.

Ìgbà wo la máa ń pàdé? Mo máa ń ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Tí ẹnì kan ò bá lè wá ńkọ́? Ẹni tó fagi lé e ló gbọ́dọ̀ mú ọjọ́ tuntun wá lọ́jọ́ yẹn náà, kò gbọ́dọ̀ sọ pé a máa ríra. "A máa ríra" yẹn ló pa tiwa nígbà àkọ́kọ́. Kí ló jẹ́ àṣírí? Gbogbo ẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ farapa, tàbí ẹnì kan ń jalè, tàbí ẹnì kan ń fìyà jẹ ọmọ náà tàbí ń fọwọ́ pa á lára. Àgbà gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ látìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò ní lè pa irú ìyẹn mọ́. Ìkẹrin, kí ni àgbà ò ní ṣe? Kò ní bá ọmọ bẹ máníjà. Kò ní wá ìgbéga fún un. Tí máníjà bá sọ pé ṣe é báyìí, mẹ́ńtọ̀ ò ní sọ pé ṣe é bọ́hùn-ún, ohun tó máa sọ ni pé, padà lọ bá ọ̀gá rẹ, bó o sì ṣe máa bi í nìyí. Ọmọ tó bá mọ bá a ṣe ń bi ọ̀gá ní ìbéèrè ti gba ohun tó ju ìgbéga lọ, ẹ jẹ́ n sọ fún yín.

Ìpàdé kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òfin ẹ̀ ẹyọ kan ni: ọmọ gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan wá lọ́wọ́. Ripọ́ọ̀tù, ìméèlì tí kò mọ bó ṣe máa dáhùn, iṣẹ́ tó bà jẹ́. Kó má fọwọ́ lásán wá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé Ọmọ Ẹ̀rọ wa dé ọ̀dọ̀ Àgbà Ọjà. Ó mú ripọ́ọ̀tù ojú ìwé mọ́kànlá wá, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kankan ò fèsì. Àgbà Ọjà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ó ṣí ojú ìwé kìíní, ó ní, "Fóònù mi ń dún báyìí, ẹnì kan ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo lè kà, èwo ni kí n kà?" Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ojú ìwé kejì, ìkarùn-ún, ó dé ojú ìwé kẹsàn-án kó tó nawọ́ sí i pé, ìyí ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bẹ́árìn ẹ̀rọ kan ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀ ẹ̀rọ máa dúró. Ojú ìwé kẹsàn-án! Àgbà ò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn fún un ní bírò. Ọmọ fa ìlà láti ojú ìwé kẹsàn-án wá sí òkè ojú ìwé kìíní.

Ṣé ẹ rí ìdí tí àgbà ẹ̀ka míì fi wúlò? Àgbà Ẹ̀rọ ì bá ti ka gbogbo mọ́kànlá yẹn, ì bá sì tún nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọmọ ló mọ̀ nípa bẹ́árìn, àgbà ló mọ bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dí ṣe ń kàwé.

Ìpàdé kẹta, kò sí jíjókòó. Kí ọmọ lọ wo àgbà lẹ́nu iṣẹ́. Àgbà Ọjà mú Ọmọ Ẹ̀rọ lọ sí mítìnì pẹ̀lú oníbàárà kan, ó ní kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa kọ gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá bi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dúró síbi ọkọ̀ wọ́n ka lísìtì náà. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni, ẹyọ kan péré ló kan bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù jẹ́ pé ìgbà wo, ta ló máa dáhùn tó bá bà jẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tá ò bá ṣe é. Ọmọ yẹn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn lòun mọ ìdí tí ẹnì kankan ò fi ka ripọ́ọ̀tù òun.

Tí wọ́n bá ti ṣe mẹ́ta yìí, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀. Láti ìkẹrin lọ ọmọ ló máa máa mú ọ̀rọ̀ wá.

Apá kẹrin: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń kú

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń wò wọ́n, kò gbọ́dọ̀ máa dá sí wọn ju bó ṣe yẹ. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ pe ọmọ lọ́tọ̀, ẹ pe àgbà lọ́tọ̀, ìbéèrè mẹ́ta péré: ìgbà wo lẹ pàdé gbẹ̀yìn? Ìgbà wo lẹ máa pàdé? Ṣé ẹ fẹ́ máa bá a lọ? Ẹ má bèèrè ohun tí wọ́n sọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè ìyẹn, àwọn ọmọ á mọ̀ pé etí wà lára ògiri.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkejì ni mo máa ń tẹ́tí sí jù. Tí ọmọ bá ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́ta," ọkàn mi á balẹ̀. Tó bá ní, "Àwa méjèèjì dáa gan-an mà, èèyàn dáadáa ni," tí kò sì sí ọjọ́, ó ti kú nìyẹn, ìyìn yẹn ni wọ́n fi ń sìnkú ẹ̀. Mo tún máa ń fi ìbéèrè kan kún un fún ọmọ nìkan: kí lo mú lọ́wọ́ lọ nígbà yẹn? Tí kò bá lè rántí, àgbà ló ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jókòó. Mo á lọ bá àgbà jẹ́ẹ́jẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀.

Tí wọn ò bá bára mu ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbà jáde láìsọ ìdí. Láìsọ ìdí, mo tún un sọ. Tẹ́ ẹ bá bèèrè ìdí, ọmọ ò ní jáde láéláé, torí ta ló fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀? Á kàn máa fagi lé ìpàdé títí ọdún á fi parí. Ẹ sọ nípa ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí àgbà náà má bàa gbà á sí àbùkù.

Ọ̀rọ̀ bó ṣe máa pẹ́ tó ló kù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fún un ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Obìnrin onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Kathy Kram, lọ́dún 1983 ó kọ̀wé lórí ìsopọ̀ 18 láàárín àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ níbi iṣẹ́ kan, ó rí i pé ìgbà mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbà kọjá: ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó ń dàgbà, ìgbà ìyapa, àti ìgbà tí wọ́n di ẹgbẹ́ ara wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló máa ń gbà. Ẹ rò ó wò. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró loṣù kẹfà, ẹ lè ti tú wọn ká kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ọdún kan ni mo máa ń fún un. Mo mọ̀ pé ìsopọ̀ tí Kram wò yàtọ̀ sí tiwa, torí àwọn yẹn wá ara wọn fúnra wọn, àwa la so tiwa, tiwa lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbóná. Lópin ọdún ẹ ní kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọmọ ka ìdáhùn tó kọ sínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn sókè, kí wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ti parí. Tí wọ́n bá fẹ́ máa ríra lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn nìyẹn, ẹ yọ orúkọ wọn kúrò nínú lísìtì.

Ẹnì kan ń nawọ́ níwájú níbí. Ẹ̀n-ẹ́n, mà? Ó ní tí mẹ́ńtọ̀ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún ńkọ́. Ẹ ṣeun, ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa fi àgbà kan tàbí méjì pamọ́ látìbẹ̀rẹ̀, tó ti kọ fọ́ọ̀mù ṣùgbọ́n tí kò ní ọmọ. Ẹ fún ọmọ ní ìdáhùn àwọn méjì yẹn kó fúnra ẹ̀ yàn, kẹ́ ẹ sì ní kí mẹ́ńtọ̀ tó ń lọ ṣe ìpàdé kan pẹ̀lú ọmọ náà àti mẹ́ńtọ̀ tuntun kó tó gbé ẹrù ẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe torí pé ó ti lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìpàdé kìíní pẹ̀lú ẹni tuntun, ẹ má fò ó, bébà ohun mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ di tuntun.

Fọ́ọ̀mù méjèèjì wà lórí tábìlì tó wà lápá òsì ilẹ̀kùn, ti ọmọ ni aláwọ̀ ewé, ti àgbà ni funfun. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì gbé e lọ sílé. Ẹ jókòó síbí, ẹ dáhùn ìbéèrè kejì, ti àṣìṣe yẹn, kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin ti ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín bírò.